Ibi Tí Ìbejì Ń Sùn ní Igbó-Ọrà

Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ní Igbó-Ọrà, nígbà tí àwọn ìyá ti ń ká ẹní wọn, obìnrin kan dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ìbejì ló bí. Táyé wà lẹ́yìn rẹ̀, Kẹ́hìndé wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ apòògùn la ń ṣe, ó sì fẹ́ kí a fún òun ní oògùn tí àwọn ọmọ náà yóò máa fi sùn dáadáa. A bi í pé kí ló dé. Ó ní Kẹ́hìndé ló dẹ́rù ba òun lóru ọjọ́ Jímọ̀. Òun jí láti fún un lọ́yàn, òun sì bá a tó dojú bolẹ̀ sínú fóòmù láàárín òun àti bàbá rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú, kò sì mira. Òun gbé e sókè, òun ń ra á lẹ́sẹ̀, òun ń pe orúkọ rẹ̀, kó tó ké. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ kò ti sùn mọ́, tí wọ́n ń sọ pé ọwọ́ ayé ni.

A kò fún un ní oògùn kankan. A ní kó jẹ́ ká bá a délé, ká lọ wo ibi tí àwọn ọmọ ń sùn.

Ìdí tí a fi lọ ni pé àwọn ọmọ ọwọ́ kan wà tí wọ́n ń kú lójú oorun láìjẹ́ pé ara wọn gbóná tàbí pé wọ́n ṣàìsàn kan tí ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n jẹun lálẹ́, wọ́n sùn, ilẹ̀ mọ́ wọn kò jí. Nílẹ̀ tí wọ́n ti ń yẹ òkú wò, tí wọ́n sì ń yẹ ibi tí ọmọ sùn wò, bí wọn kò bá rí ìdí kankan lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ikú òjijì ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ló ń ṣe. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ló pọ̀ jù, bí ọmọ bá sì ti kọjá oṣù mẹ́fà, ó ti dínkù gan-an. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í sábà yẹ òkú ọmọdé wò, a sì máa ń tètè sin òkú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí. Nítorí náà, irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í wọ inú ìwé. Ohun tí ó máa ń kù nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀: ẹnì kan á ní àbíkú ni, ẹnì kan á ní ìyá ló sùn lé e, ẹlòmíràn á na ìka sí ìyàwó kejì.

Igbó-Ọrà ni ọ̀rọ̀ yìí sì kàn jù. Gbogbo ayé ló mọ ìlú náà mọ́ ìbejì. Dókítà Patrick Nylander ṣe ìwádìí níbẹ̀, ó sì rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, nǹkan bíi 45 sí 50 ló jẹ́ ìbejì. Bóyá ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ló ń fà á gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ, a kò ní dá sí ìyẹn lónìí. Ohun tí ó kàn wá ni pé ìbejì sábà máa ń tètè dé ju ọmọ kan ṣoṣo lọ, wọn a sì máa kéré. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tàbí tí ó kéré nígbà tí wọ́n bí i, kì í tètè ta jí bí èémí rẹ̀ bá ń há. Àwọn ìbejì tí a lọ wò yìí, ọ̀kan wọn kílò 2.1 nígbà tí wọ́n bí i, èkejì kò tó kílò méjì. Ewu tí ọmọ kílò mẹ́ta ààbọ̀ lè là kọjá lè pa irú àwọn wọ̀nyí.

Yàrá kan ni wọ́n ń gbé. Fóòmù ńlá kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti pẹ́, àárín rẹ̀ ti jìn bí àwo. Ìyá, bàbá, ìbejì méjèèjì àti ẹ̀gbọ́n wọn ọmọ ọdún mẹ́ta ló ń sùn lórí rẹ̀. Ìrọ̀rí mẹ́rin wà níbẹ̀, pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì onírun kan tí ẹbí gbé wá níjọ́ ìsọmọlórúkọ. A ní kí ìyá tẹ́ àwọn ọmọ bó ṣe máa ń tẹ́ wọn lálẹ́. Ó da àwọn méjèèjì dé, àyà àti ikùn nílẹ̀, ó yí orí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki ìrọ̀rí sí wọn lọ́tùn-ún lósì kí wọ́n má baà yí, ó sì fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n dé etí. Súwẹ́tà àti fìlà aláran wà lára wọn. Ìfẹ́ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀, a sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Ibi ìdojúbolẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló wúwo jù. Bí ọmọ bá dojú bolẹ̀, èémí tó mí síta kì í ráyè lọ jìnnà. Ó máa ń kó jọ síbi imú rẹ̀, ọmọ á tún fà á padà, á tún mí i síta. Díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn dáadáa tó wà nínú rẹ̀ á tán. Àgbàlagbà tó bá bá ara rẹ̀ nírú ipò yìí á ta jí, á yí orí padà. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè má jí, torí oorun ọmọ tó dojú bolẹ̀ máa ń wúwo ju ti ọmọ tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ. Oorun wíwúwo yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìyá fẹ́ràn. Wọn á ní, "Bí mo bá dà á dé, kì í dà mí láàmú." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe é. Àwọn dókítà Òyìnbó fúnra wọn ló ń kọ́ àwọn òbí nígbà kan pé kí wọ́n da ọmọ dé. Ìgbà tí ìwádìí fi hàn pé ọmọ tó dojú bolẹ̀ ló ń kú jù ni wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọdún 1991, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ní Ìlú Ọba pé kí gbogbo ọmọ ọwọ́ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Amẹ́ríkà ṣe tiwọn ní 1994. Ní Amẹ́ríkà, nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n bí ní 1990, nǹkan bíi 130 ló kú irú ikú yìí. Nígbà tó fi máa di 2020, wọn kò ju 38 lọ. Wọn kò rí oògùn kankan tó ṣe èyí. Wọ́n kàn yí ọmọ padà ni, ó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ìyá ọkọ ló kọ́kọ́ dá wa lóhùn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ wa, bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tó sì pọ ọyàn ńkọ́? Ṣé kò ní há a lọ́fun?" Ìbéèrè àgbà ni, a sì jókòó tì í. Ọ̀nà méjì ló wà lọ́fun ènìyàn. Ọ̀nà èémí wà níwájú, ọ̀nà oúnjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, níhà ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ ló wà nísàlẹ̀. Wàrà tó bá padà gòkè kò lè fúnra rẹ̀ ṣàn sókè bọ́ sí ọ̀nà èémí, ọmọ á gbé e mì tàbí kó tú u dànù. Bí a bá da ọmọ dé, ọ̀nà èémí ló bọ́ sísàlẹ̀, ohun tó bá padà wá á sì kó jọ sí ẹnu rẹ̀ gan-an. A fi ọwọ́ wa méjèèjì ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ fún wọn, ọ̀kan lórí èkejì, lẹ́yìn náà a yí wọn padà. Màmá wò ó títí, wọ́n ní kí a tún un ṣe.

Bàbá àwọn ọmọ náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Ó gbọ́ nílé kéwú pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni súnà láti fi sùn, ó ní ṣé kí àwọn máa fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tẹ́ wọn. A sọ fún un pé súnà náà wà fún ẹni tó lè yí ara rẹ̀ padà, tó sì mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ ọwọ́ tí a fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ kì í dúró síbẹ̀. Tó bá yí díẹ̀, ojú rẹ̀ á bolẹ̀, kò sì ní agbára láti padà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ki ìrọ̀rí sí i, ìrọ̀rí náà á sì di ewu kejì. Áfáà wa tó wà pẹ̀lú wa níjọ́ náà ní òun kò rí ìjà kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bí ọmọ bá jí, tí ènìyàn sì ń wò ó, kó dojú bolẹ̀ lórí ẹní díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́. Ọrùn rẹ̀ á le, ẹ̀yìn orí rẹ̀ kò sì ní pẹlẹbẹ, torí ìyẹn náà wà lára ohun tí àwọn ìyá ń bẹ̀rù. Nígbà tó bá tó bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, tó ń yí ara rẹ̀ lọ, tó ń yí ara rẹ̀ bọ̀, ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ kó sùn. Bó bá wá fúnra rẹ̀ yí, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí la wá kan fóòmù. Ohun tí a tẹ́ ọmọ sí gbọ́dọ̀ le, kó sì tẹ́jú. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé kí a fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ká gbé ọwọ́ kúrò. Bí ojú ọwọ́ bá wà níbẹ̀ síbẹ̀, kò dára fún ọmọ ọwọ́. A tẹ fóòmù tiwọn, ojú ọwọ́ wa wà níbẹ̀ bíi pé orí iyẹ̀fun láfún la tẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò àárín yẹn á yí wọ inú rẹ̀. Bí bàbá bá sì jókòó sétí fóòmù láti wọ bàtà, ọmọ á yí bọ̀ wá bá a. Ibẹ̀ la ti rí ohun tó ṣe Kẹ́hìndé.

A kò sọ pé kí wọ́n lọ ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ aláràńbarà. Níbi tí owó wọn mọ, a wo ohun tó wà nílẹ̀. Ní Niu Sílándì, àwọn Máórì tí ọmọ wọn ń kú irú ikú yìí jù rí ohun kan ṣe nínú àṣà wọn. Ìyá àti ọmọ ti máa ń sùn pọ̀ látilẹ̀wá, kò sì sí ẹni tó lè ní kí wọ́n jáwọ́. Wọ́n wá fi koríko hun apẹ̀rẹ̀ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní wahakura. Ọmọ á wà nínú rẹ̀ lórí ibùsùn ìyá, ààyè tirẹ̀ á wà lọ́tọ̀, apá ẹnikẹ́ni kò sì ní gùn ún. Ọgbọ́n yẹn la yá. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan nítòsí fi pákó pẹlẹbẹ kan àpótí méjì tí kò ní ìdérí, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ ní gígùn àti ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ ní ìbú, etí rẹ̀ ga tó ìka mẹ́wàá. Ó fi pépà yìnrìn pákó náà títí tí kò fi lè gún ọmọ, kò sì kùn ún lọ́dà. Fóòmù líle oní-íǹsì méjì ló gé sínú rẹ̀, tó bá àpótí mu débi pé ìka méjì kò lè wọ àárín fóòmù àti pákó. Aṣọ kan tí a fà le, tí a ki etí rẹ̀ sábẹ́ fóòmù, ló parí rẹ̀. Kò sí ìrọ̀rí, kò sí bèbí, kò sí ọ̀rá, kò sí búláńkẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí gbẹ́nàgbẹ́nà lè tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó tẹ́jú, kó ká aṣọ kan tó nípọn díẹ̀ sórí rẹ̀, kó fà á le, kó sì rí i pé àwọ̀n ẹ̀fọn bo gbogbo rẹ̀ dé ilẹ̀ nítorí ẹ̀fọn àti àkeekèé. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó le sàn fún ọmọ ọwọ́ ju fóòmù tó rì lọ. Àwọ̀n náà kò gbọdọ̀ rọ̀ sórí ọmọ. Ẹ fà á le, ẹ ki etí rẹ̀ sábẹ́ ẹní.

Kí ló dé tí a fi ní àpótí méjì? Ìyá ọkọ kò fẹ́ gbọ́ èyí rárá. Wọ́n ní wọn kì í ya ìbejì nípa. A ní a kò yà wọ́n, àpótí kan kàn án pẹ̀lú èkejì, wọn á máa gbọ́ èémí ara wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà nínú ọ̀kan, ọwọ́ Táyé lè bo imú Kẹ́hìndé, ìkejì kò sì ní lágbára láti ti ọwọ́ náà kúrò. Bí wọ́n bá sì ti ń dàgbà, ẹni tó kọ́kọ́ mọ yíyí ni yóò yí lu èkejì. Màmá gbà, wọ́n ní kí á so okùn pupa kan náà mọ́ àpótí méjèèjì. A ní kí wọ́n so ó síta, kó kúrú, kó má baà wọ inú ibi tí ọmọ wà.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ yàrá, torí àwọn kan lè rò pé a ní kí ọmọ lọ sùn níyàrá tirẹ̀. A kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá ló dára jù fún ọmọ, ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, níbi tí ọwọ́ ìyá lè tó o. Ní ìlú Bradford ní Ìlú Ọba, irú ikú yìí kéré púpọ̀ láàárín ọmọ àwọn ìdílé tó wá láti Pakistan, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mùsùlùmí, ju ti àwọn aládùúgbò wọn aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn olùwádìí rí i pé ọmọ wọn kì í sábà dá sùn ní yàrá, àwọn ìyá wọn kì í sábà mu sìgá tàbí ọtí, wọ́n sì ń fún ọmọ lọ́yàn. Púpọ̀ nínú wọn ń sùn lórí ibùsùn kan náà pẹ̀lú ọmọ. Nítorí náà a kò ní tan yín pé gbogbo ìyá tó bá sùn ti ọmọ ló ń pa á. Ohun tí a ń sọ ni pé ewu rẹ̀ a máa ga gan-an bí ọmọ bá kéré tàbí tí oṣù rẹ̀ kò pé, bí ẹnì kan lórí ibùsùn náà bá ń mu sìgá, bó bá mu ọtí tàbí oògùn tó ń kun ènìyàn lóorun, bí ibùsùn bá rọ̀, tàbí bí ènìyàn bá pọ̀ lórí rẹ̀. Ìbejì yìí ní mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta náà kò gbọdọ̀ sùn ti ọmọ ọwọ́ rárá; a gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ níhà ògiri.

Ìyá tó ń fún ìbejì lọ́yàn lóru á tòògbé. Ẹ má bá a jà, ara kì í ṣe òkúta. Bó bá mọ̀ pé oorun lè gbé òun lọ, kó jókòó sórí ẹní tàbí ibùsùn tí a ti kó ìrọ̀rí àti aṣọ kúrò lórí rẹ̀, kó má ṣe jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Àga yẹn ló burú jù, torí ọmọ lè há sáàárín ìyá àti ẹ̀yìn àga. Bó bá ti ta jí, kó gbé ọmọ padà sínú àpótí.

Ooru kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Oṣù Ẹ̀rẹ̀nà ni, páànù ilé náà ń ta bí ìdáná, súwẹ́tà sì wà lára ọmọ. Ara gbígbóná jù wà lára ohun tó ń mú oorun ọmọ wúwo. Orí ni ọmọ ọwọ́ fi ń tú ooru ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà kó má dé fìlà sùn nínú ilé. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ díwọ̀n, wọ́n sábà máa ń tutù. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tàbí àyà rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbóná tàbí tó láàgùn, aṣọ ti pọ̀ jù. Lóṣù yẹn, síńgílẹ́ẹ̀tì kan àti nápùkìn ti tó. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ kan kún iye tí ẹ̀yin fúnra yín wọ̀. Aṣọ la ní kí ẹ wọ̀ fún un, a kò ní kí ẹ da búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ẹ má sì gbé ìkòkò èédú wọ yàrá láti fi yá ọmọ lára, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín wọn lè pa gbogbo ilé, kì í ṣe ọmọ nìkan.

Ó kù oògùn tí ìyá wá rà. Àwọn méjì ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ wa láti fi mú ọmọ sùn, Fẹ́nágàn àti Pírítọ̀n. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọdọ̀ fẹnu kan Fẹ́nágàn, torí ó lè dá èémí rẹ̀ dúró. Pírítọ̀n náà kò sí fún ọmọ tí kò pé ọdún kan. Ọmọ tó ń jí lóru ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni, oògùn yẹn á sì gba jíjí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tí òtútù mú tó sì lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn ti ọmọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

A tún sọ fún un pé ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi sílé. Ọmọ tí ètè rẹ̀ bá dúdú tàbí tí èémí rẹ̀ bá dáwọ́ dúró, bó tilẹ̀ padà bọ̀ sípò, ilé ìwòsàn ló yẹ kí ó lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé Kẹ́hìndé lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n gbọ́ àyà rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní kí ìyá padà wá lọ́sẹ̀ méjì sí i.

A padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan. Ìyá ní òru mẹ́rin àkọ́kọ́ le, wọ́n ń ta gìrì, wọ́n ń ké, ó sì kù díẹ̀ kí òun dà wọ́n dé padà. Ní òru karùn-ún ni wọ́n gbà. Àpótí méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn nínú àwọ̀n kan, okùn pupa wà níta. Ìrọ̀rí kékeré kan wà nínú ti Táyé. Màmá ní àwọn ló fi síbẹ̀ kí orí rẹ̀ lè rí róbótó. A wo ara wa, Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn yọ ọ́.